Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ní èdè Swahílì: bí a ṣe ń kí àwọn àgbà kí ìpàdé abúlé tó bẹ̀rẹ̀ ní Tansaníà

Bí ẹ bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé abúlé ní Tansaníà, àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ á ti mọ irú ọmọ tí ẹ jẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ yín. Ìkíni ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, kò sí ìdí láti máa ṣàlàyé fún yín pé àgbà la kọ́kọ́ ń kí. Ohun tí ẹ nílò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹni tí a ń sọ ọ́ fún, ìdáhùn tó yẹ kí ẹ dúró gbọ́, àti àwọn ibi tí àṣà tiwa ti lè ṣì wá lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ yìí kò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Káyọ̀dé, ọmọ Ìbàdàn, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Sokoine ní ìlú Morogoro. Ó ń bá ìgbìmọ̀ omi ṣiṣẹ́ ní abúlé kan lẹ́bàá àwọn òkè Uluguru. Kànga abúlé náà bàjẹ́, wọ́n sì pe gbogbo ará abúlé sí ìpàdé kí wọ́n lè jíròrò bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Ìgbìmọ̀ wá ní kí Káyọ̀dé kí àwọn èèyàn káàbọ̀.

Ohun tó yẹ kí ó mọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé

Ìpàdé gbogbogbòò abúlé, tí wọ́n ń pè ní mkutano mkuu wa kijiji, jẹ́ ti gbogbo olùgbé abúlé tó ti pé ọmọ ọdún 18 sókè. Alága abúlé, Mwenyekiti wa Kijiji, ló ń darí rẹ̀, òun ló sì ń ṣí i. Èyí ló ń fi ààlà sí iṣẹ́ Káyọ̀dé: ó lè kí àwọn èèyàn káàbọ̀, ó lè sọ ìdí tí wọ́n fi péjọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ pé òun ṣí ìpàdé. Bí ó bá sọ “nafungua mkutano”, èyí tó túmọ̀ sí “mo ṣí ìpàdé”, ó ti gba iṣẹ́ alága mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gbogbo àwùjọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ lé alága lọ́wọ́.

Ẹni tó yẹ kí ó lọ bá ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni Mtendaji wa Kijiji, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò àti ìwé abúlé. Kí ó bi í pé àwọn wo ló máa jókòó sí meza kuu, ìyẹn tábìlì àwọn ọlọ́lá níwájú. Ṣé aṣojú wọ́ọ̀dù, Diwani, máa wá? Ṣé àlejò pàtàkì kan wà tí wọ́n ń pè ní mgeni rasmi? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, òun ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ. Kí ó tún béèrè nípa ẹ̀sìn àwọn ará abúlé, nítorí ìkíni ẹ̀sìn wọ inú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbàgbé ni bóyá ẹnì kan ti kú ní abúlé láìpẹ́ yìí. Bí òkú bá ṣì tutù nílẹ̀, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ayọ̀, ọ̀rọ̀ yín á ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nípa àkókò, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí Mtendaji bá sọ pé ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní saa nne asubuhi, “nne” ni ẹẹ́rin, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ó ń sọ. Aago méje òwúrọ̀ tiwa ni wákàtí àkọ́kọ́ ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn, saa moja. Láti aago méje òwúrọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, ẹ yọ mẹ́fà kúrò nínú aago tiwa, ẹ ó rí tiwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí Káyọ̀dé dé ṣáájú, kí ó sì lọ bá àwọn àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi, kí ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó lọ. Àgbà tí ẹ ti kí fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá kí gbogbo wọn pa pọ̀, ohùn rẹ̀ ló sì máa fa ti àwọn yòókù jáde.

Shikamoo, àti ẹni tó ni ín

Ìkíni tí ọmọdé ń kí àgbà ni “Shikamoo”. Ìdáhùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni “Marahaba”. Kò sí ti òwúrọ̀, kò sí ti alẹ́: ìgbàkígbà tí ẹ bá pàdé àgbà, òun náà ni. Lẹ́yìn tí àgbà bá ti dáhùn ni a wá ń béèrè àlàáfíà. Bí Káyọ̀dé bá kí bàbá àgbàlagbà kan lábẹ́ igi, báyìí ni ó ṣe máa ń lọ:

“Shikamoo, babu.”
“Marahaba, mjukuu wangu. Hujambo?”
“Sijambo, babu. Habari za nyumbani?”
“Nzuri.”

Bàbá àgbà ni “babu”, ìyá àgbà ni “bibi”, ọmọ-ọmọ ni “mjukuu”. A lè pe àwọn náà bẹ́ẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ bí wa. Ọkùnrin tó dàgbà ṣùgbọ́n tí kò tíì tó bàbá àgbà, “mzee” la ń pè é. Obìnrin tó lè jẹ́ ìyá ẹni, “mama”. Nínú ìbéèrè àti ìdáhùn yìí, “Hujambo?” ń béèrè bóyá ara yín le, “Sijambo” ń sọ pé ara mi le, “Habari za nyumbani?” sì dà bí “Ilé ńkọ́?”

Ohun méjì ló wà níbí tí kò ṣeé yí padà. Àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi “Shikamoo” dá “Shikamoo” lóhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni méjì lè jọ sọ “Ẹ káàárọ̀” fún ara wọn. Níbẹ̀, ẹni tó kéré ló ń sọ ọ̀kan, ẹni tó dàgbà ló ń sọ èkejì. Ìkejì ni pé a kì í sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ẹni tàbí fún ẹni tó kéré sí wa. Bí Káyọ̀dé bá sọ ọ́ fún obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún, obìnrin náà lè rò pé ó ń sọ òun di arúgbó. Nítorí náà, níwájú àwùjọ tó dàpọ̀, a gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó ni ìkíni náà kí a tó sọ ọ́: “Wazee wangu, shikamooni.” Ẹ̀yin àgbà mi, shikamoo. Lẹ́yìn èyí ni a ó kí àwọn yòókù ní ọ̀nà tiwọn.

Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún sókè, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà náà ni, kò sì ní kí wọn ní shikamoo. Á ní “Wazee wenzangu, habari za asubuhi?” ìyẹn “Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, báwo ni òwúrọ̀ yìí?”, wọn á sì dá a lóhùn pé “Nzuri” tàbí “Salama”.

“Ni” wọn kọ́ ni “ẹ” wa

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣe àṣìṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe. Nínú èdè wa, “ẹ” ń ṣe iṣẹ́ méjì: a fi ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀, a sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Ní èdè Swahílì, “ni” tí wọ́n ń fi kún ìparí ọ̀rọ̀ ń ka iye èèyàn nìkan. Kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú. “Karibu”, ìyẹn káàbọ̀, ni fún ẹnì kan, “karibuni” fún ọ̀pọ̀. “Asante”, ìyẹn o ṣeun, fún ẹnì kan, “asanteni” fún ọ̀pọ̀. “Pole” àti “poleni”, “shikamoo” àti “shikamooni”, bákan náà ni wọ́n rí.

Nítorí náà, bí Káyọ̀dé bá ń fi ọ̀rọ̀ lé alága lọ́wọ́, “Karibu, Mwenyekiti” ni yóò sọ. Ọkàn rẹ̀ máa fẹ́ sọ “karibuni”, nítorí ó ń wá ibi tí yóò ti fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún un. Kí ó má sọ ọ́. Inú oyè tí ó fi pè é, “Mwenyekiti”, ni ọ̀wọ̀ náà wà. Bí a kò bá dárúkọ oyè tàbí kí a pe ẹni náà ní babu, mama tàbí mzee, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa máa dún bí àìlẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ má ṣe fi “wewe”, ìyẹn “ìwọ”, pe àgbà láti ọ̀nà jíjìn láéláé.

Ọ̀rọ̀ lẹ́nu

Èdè Swahílì kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa. Ohun tó ní ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lórí sílébù tó ṣìkejì láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sì yà kúrò nínú òfin yìí. Ẹ fi agbára díẹ̀ sí sílébù yẹn, kí ẹ sì fà á díẹ̀: ka-RI-bu, he-SHI-ma, ma-ra-HA-ba. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn sí i, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà á ṣí lọ síwájú. Ka-RI-bu di ka-ri-BU-ni, a-SA-nte di a-sa-NTE-ni, shi-ka-MO-o sì di shi-ka-mo-O-ni. Bí ẹ bá rí fáwẹ̀lì méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ẹ pe méjèèjì, bí a ṣe ń ṣe nínú “àáyá”. Wa-ZE-e ni, kì í ṣe “wasé”.

Lẹ́tà “p” ló máa ń fi wá hàn jù. “P” tiwa ń ti inú ètè àti ọ̀fun jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti “pàdé”. Tiwọn ń ti ètè nìkan jáde. Bí ẹ bá rí “poleni”, ẹ pa ètè pọ̀, ẹ sì tú u sílẹ̀, kí ọ̀fun má dá sí i. “Z” àti “v” kò sí lọ́dọ̀ wa, ẹnu wa sì ń fẹ́ sọ wọ́n di “s” àti “f”. Ẹ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun nígbà tí ẹ bá ń pe “wazee” àti “vijana”. Bí ọ̀fun kò bá gbọ̀n lórí z àti v, “wasee” àti “fijana” ni ẹ ń sọ. “Sh” wọn ni “ṣ” wa. “Ch” jẹ́ “t” àti “ṣ” tí a sọ pọ̀ ní kíákíá.

Lórí “n” àti “m”, ẹ ní àǹfààní kan àti ewu kan. Àǹfààní náà ni pé “m” tó bẹ̀rẹ̀ “mzee” tàbí “mtendaji” jẹ́ sílébù kan fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí “ń” ṣe rí nínú “ó ń lọ”. Ó máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n kò ní ṣòro fún yín. Ewu náà ni “n” tó tẹ̀lé fáwẹ̀lì. Nínú ìwé tiwa, “an” àti “in” máa ń jáde láti imú. Nínú “wananchi”, ẹ má ṣe fi imú pe “nan”: wa-NA-nchi ni, “n” náà ti di ara “chi”. “Ndugu” sì jẹ́ sílébù méjì, NDU-gu, kì í ṣe mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an

Bí Káyọ̀dé bá ti dúró, tí ariwo sì ti rọlẹ̀, yóò kọjú sí ibi tí àwọn àgbà jókòó sí.

“Wazee wangu, shikamooni.”

Yóò dúró. “Marahaba!” ni wọn yóò dáhùn. Kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí èyí tó dé. Ẹni tó bá ń yára kọjá lọ kí àwọn àgbà tó dáhùn ti já ìkíni tirẹ̀ gan-an gbà. Yóò wá yíjú sí gbogbo àwùjọ.

“Ndugu wananchi, hamjambo?”

“Hatujambo!” Wọn yóò sọ pé ara àwọn le. “Ndugu” ni ọmọ ìyá tàbí ìbátan, “wananchi” ni àwọn ọmọ ilẹ̀. Láyé ujamaa, ìyẹn ìṣèlú àjùmọ̀ní àti àjùmọ̀ṣe, nígbà tí Julius Nyerere ń darí orílẹ̀-èdè náà, “Ndugu” di ohun tí àwọn èèyàn ń fi pe ara wọn láìka ipò sí. Títí di òní, kò bu ọlá alága abúlé kù bí a bá fi í ṣáájú oyè rẹ̀. Diwani ni a ń pè ní “Mheshimiwa”, ẹni ọ̀wọ̀.

“Asalaam aleikum.”
“Waaleikum salaam.”
“Bwana Yesu asifiwe.”
“Amina.”

Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ wà ní ọ̀pọ̀ abúlé Tansaníà, sísọ méjèèjì sì ti di àṣà níwájú àwùjọ. Bí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì bá pọ̀, a máa ń fi “Tumsifu Yesu Kristo” kún un, wọn á sì dáhùn pé “Milele, amina.” Bí Mtendaji bá ti sọ pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ mú ti ẹ̀sìn yẹn nìkan. Ìkíni kan tún wà tí Ààrẹ Samia Suluhu Hassan sọ di mímọ̀ káàkiri, “Nawasalimu kwa jina la Jamhuri ya Muungano wa Tanzania”, tí àwùjọ ń dáhùn pẹ̀lú “Kazi iendelee”, kí iṣẹ́ máa tẹ̀síwájú. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ. Kò yẹ lẹ́nu àlejò.

“Ndugu Mwenyekiti wa Kijiji, Ndugu Mtendaji wa Kijiji, viongozi wetu wa dini, wazee wetu, akina mama na akina baba, vijana wenzangu: itifaki imezingatiwa.”

Alága, Mtendaji, àwọn olórí ẹ̀sìn, àwọn àgbà wa, àwọn ìyá àti àwọn bàbá, àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Gbólóhùn tó parí rẹ̀ ń sọ pé a ti bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó yẹ bí ipò wọn ṣe tẹ̀léra, kí ẹni tí a kò dárúkọ rẹ̀ má baà bínú. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fò àwọn àgbà kọjá. Ẹ má sì ṣe fò “akina mama” kọjá. Àwọn Waluguru tó ń gbé lórí òkè Uluguru ń ka ìdílé láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀dọ̀ ìdílé ìyá ni ilẹ̀ sì ti máa ń wá láyé àtijọ́. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kànga tó wà lórí ilẹ̀, àwọn ìyá àgbà kì í ṣe òǹwòran.

“Awali ya yote, tumshukuru Mwenyezi Mungu kwa kutujalia uzima na kutukutanisha hapa leo. Poleni na safari, na poleni kwa kusubiri.”

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè tó fún wa ní ìyè, tó sì kó wa jọ síbí lónìí. Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìdúró. Ẹ ó fẹ́ràn “pole”, nítorí ọ̀pọ̀ ibi tí àwa ti ń sọ “ẹ kú” tàbí “ẹ pẹ̀lẹ́” ni àwọn ti ń lò ó: “poleni na kazi” ni ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ ẹnì kan, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí ṣi orúkọ rẹ̀ pè, “samahani” ni ẹ ó fi tọrọ àforíjì.

Bí òkú bá ṣẹlẹ̀ ní abúlé, ibí ni “Poleni kwa msiba” yóò wà, ẹ ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí alága fẹ́ kí gbogbo èèyàn dìde fún ìṣẹ́jú kan láti fi rántí olóògbé. Ẹ bi í ṣáájú bóyá òun ni yóò sọ ọ́ tàbí ẹ̀yin.

“Jina langu ni Kayode. Natoka Nigeria, na sasa naishi hapa Morogoro. Kwa niaba ya kamati ya maji, nawakaribisha nyote kwenye mkutano huu. Karibuni sana.”

Orúkọ mi ni Káyọ̀dé. Nàìjíríà ni mo ti wá, Morogoro níbí ni mo ń gbé báyìí. Ní orúkọ ìgbìmọ̀ omi, mo kí gbogbo yín káàbọ̀ sí ìpàdé yìí. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni orúkọ rẹ̀ ti wáyé. “Kwa niaba ya” ń jẹ́ kó hàn pé wọ́n rán an ni, kò dédé dìde. Àlejò tó bá kí onílé káàbọ̀ sílé onílé láìsọ ẹni tó rán an, ó ti ṣe àfojúdi.

“Wazee wetu, ninyi ndio mnaojua historia ya maji ya kijiji hiki. Sisi vijana tumekuja kuwasikiliza. Tunaomba busara na baraka zenu.”

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn omi abúlé yìí. Àwa ọ̀dọ́ wá gbọ́ tẹnu yín ni. À ń tọrọ ọgbọ́n àti ìbùkún yín. Ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyí. “Ndio” inú “ninyi ndio mnaojua” ń ṣe iṣẹ́ tí “ni” ń ṣe nínú “ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n”: òun ló yọ àwọn àgbà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ni ìmọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn náà á kàn sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó ń ròyìn. Bí ọ̀rọ̀ ìpàdé tiyín bá yàtọ̀, ẹ pààrọ̀ “maji” sí ohun tí ẹ wá sọ: “shule” fún ilé ẹ̀kọ́, “soko” fún ọjà, “barabara” fún títì. Ẹ má ṣe pààrọ̀ “maji” láìwo “ya”, ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé e. Fún “soko”, “la” ni: “historia ya soko la kijiji hiki”. Fún “shule” àti “barabara”, “ya” dúró.

“Leo tutazungumzia jambo moja: ukarabati wa kisima chetu. Kila mmoja atapata nafasi ya kusema.”

Lónìí, ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ sọ: àtúnṣe kànga wa. Olúkúlùkù á ráyè sọ̀rọ̀. Kí Káyọ̀dé má sọ iye owó, kí ó má sọ ẹni tó ba kànga jẹ́. Ìyẹn wà fún ìpàdé fúnra rẹ̀.

“Sasa, kwa heshima na taadhima, naomba nimkaribishe Ndugu Mwenyekiti afungue mkutano wetu. Karibu, Mwenyekiti. Asanteni sana.”

Ní báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àpọ́nlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pe alága wá kí ó ṣí ìpàdé wa. Ẹ káàbọ̀, alága. Ẹ ṣeun púpọ̀. “Heshima na taadhima” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n máa ń so pọ̀ níwájú àwùjọ. “Dh” inú rẹ̀ ń jáde nígbà tí ṣóńṣó ahọ́n bá wà láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùsọ èdè náà ló ń sọ ọ́ bíi “z”, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ìdúró yín níwájú àwùjọ

Ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀ níwájú àwùjọ. Lóòótọ́, àwọn ẹ̀yà kan wà ní Tansaníà, bí àwọn Wasukuma, tí obìnrin ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ó sì lè dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí ìyàlẹ́nu. Ẹ ṣí fìlà, ẹ tẹ orí ba díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ “shikamooni”, ẹ sì yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Bí ẹ bá fẹ́ bọ àgbà lọ́wọ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìpàdé, ọwọ́ ọ̀tún ni, kí ọwọ́ òsì sì di apá ọ̀tún náà mú.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa

Etí ni yóò sọ fún yín. Bí “Marahaba” bá jáde lápapọ̀, tó sì wúwo, àwọn àgbà ti gbà yín. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló dáhùn, wọn kò gbọ́ ni, tàbí ẹ kò kọjú sí wọn. Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́bàá ẹnu díẹ̀, ẹ kọjú sí wọn. Ẹ má sọ ọ́ ní ìgbà kẹta. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń dáhùn “Marahaba” pẹ̀lú ẹ̀rín, ó túmọ̀ sí pé ẹ ti gbàgbé “Wazee wangu” tó yẹ kó ṣáájú, tàbí ẹ yára jù tí kò fi hàn pé àwọn àgbà nìkan lẹ kí.

Bí àwùjọ bá dákẹ́ lẹ́yìn “hamjambo”, ẹ gbọ́ ara yín: ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sọ “hujambo”, èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù sì máa wò ó bóyá ẹlòmíràn ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pépà kan, kí ẹ kọ ìdáhùn àwùjọ sí i pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti dákẹ́. Ẹ ní kí ọmọ ilẹ̀ náà kan dáhùn fún yín nígbà ìdánwò. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ẹ tẹ́tí sí ètò èdè Swahílì lórí rédíò BBC tàbí DW, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí kò ṣe fún ibi tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ń bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti Tansaníà. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Kẹ́ńyà, ìpàdé tí olóyè ìjọba ń pè, baraza, ni ẹ ó bá pàdé. Shikamoo ṣì wọ́pọ̀ ní etíkun Mombasa, ṣùgbọ́n ní Nairobi àti ní òkè ọ̀hún, ó dín kù púpọ̀. “Hamjambo” àti “habari zenu” ló máa tó níbẹ̀, oyè àwọn èèyàn ni ẹ ó sì fi bọ̀wọ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn tí alága bá ti ṣí ìpàdé, Káyọ̀dé yóò jókòó, kò sì ní tún dìde àfi bí wọ́n bá pè é. Nígbà tí ìpàdé bá parí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí lè sáré wá bá a, kí wọ́n sì sọ “Shikamoo” fún un. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí àgbà tán lè fẹ́ dá ọ̀rọ̀ kan náà padà fún wọn. Àgbà ni òun náà níwájú wọn: “Marahaba, hamjambo?” ni yóò sọ, kí ó sì dúró gbọ́ “Hatujambo” wọn.